Ìwé Ọpẹ́ Fún Ìgò Tìróò

Tìróò tí Ìyá Àdétà gbé wá fún ọmọ mi kì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní lílọ̀. Òkúta rẹ̀ ni wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Háúsá tó ń pàtẹ nítòsí Ọjà Ọba. Wọ́n fọ́ ọ nínú odó kékeré, wọ́n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, èyí tí kò kúnná wọ́n tún un lọ̀. Ẹni tó bá ti lọ tìróò rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀sán gbáko ni, nítorí bí ẹyọ hóró kan bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ojú ni yóò ha. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò kékeré kan tí ìyá wọn, tí í ṣe ìyá ìyá mi, lò títí dọjọ́ ikú. Igi tìróò àtijọ́ ṣì wà nínú ìgò náà, àpò awọ pupa tí wọ́n rán sí i lára sì ti gbó létí. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ti Àṣàkẹ́ ni. Ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á sì lẹ́wà."

Àṣàkẹ́ kò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Àdétà, àwọn ló sì dàgbà jù lọ nínú àwọn obìnrin ilé wa tó ṣẹ́kù. Orúnkún ń dùn wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Àdétà wá sí Táńkẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n gbé ìgò yẹn sínú pọ́ọ̀sì wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, wọ́n sì jókòó tì mí títí di àsìkò ìrun Àsìrì. Wọ́n ki ọmọ náà ní oríkì ilé wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n bí nínú ẹbí wa tí wọn kò lé tìróò sí lójú, èmi náà wà lára wọn. Mo rántí àwòrán mi kan tí ojú mi dúdú bìrìpọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ́kọ̀ sí ibi òṣèré.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni màmá mi pè mí lórí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bóyá mo ti dúpẹ́. Mo ní mo dúpẹ́ nígbà tí wọ́n fún mi. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni àwọn ń bi mí, pé ọpẹ́ tí èèyàn dá lójú ẹsẹ̀ kò tíì tó ọpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí a fún ní nǹkan lánàá gbọ́dọ̀ kí "ẹ ṣé ti àná" lónìí, bí ó bá sì jẹ́ àgbà ló fún un, ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ náà fi ẹnu kàn án. Màmá mi wá fi òwe dè é pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó o lẹ́rù lọ ni. Mo ní mo ti gbọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé n kò ní lé tìróò náà sí Àṣàkẹ́ lójú. Kò ní dé ojú rẹ̀ ní kékeré, kò sì ní dé e bó bá dàgbà tí ó jẹ́ èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, nítorí náà òkúta tìróò kì í ṣe àjèjì sí mi. Òkúta dúdú tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n bá gé irin ni. Bí a bá fọ́ ọ, kì í fọ́ wẹ́wẹ́ lásán, igun mẹ́rin-mẹ́rin ló máa ń dá sí. Ó sì wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Òjé ló mú un wúwo bẹ́ẹ̀, òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì, òun náà ni wọ́n ń lò nínú bátìrì mọ́tò. Òjé àti imí ọjọ́ ló dì pọ̀ di òkúta yẹn, òjé sì kó apá tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìdọ̀tí kọ́ ni òjé inú tìróò, kì í ṣe ohun tí oníjìbìtì kan bù mọ́ ọn lọ́jà. Bí Ìyá Àdétà bá fọ òkúta náà nígbà ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n jọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ jù lọ, ńṣe ni òjé rẹ̀ á túbọ̀ kúnná.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan wà tí àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kọ jáde ní 2012. Ọmọkùnrin oṣù mẹ́fà ni, ní ìlú Bọ́sítìnì, ní 2011. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀ tó tó máíkírógíráàmù 13 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń mọ̀ lónìí pé òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́ 3.5 péré. Wọ́n wá gbogbo ibi tí òjé lè gbà wọ ara ọmọ náà, tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n bá. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Àwọn òbí rẹ̀ kò hùwà ìkà kankan. Ohun tí Ìyá Àdétà fẹ́ fún Àṣàkẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ tiwọn.

Èèyàn lè ní ìta ojú ni a ń lé e sí, báwo ló ṣe wá dé inú ẹ̀jẹ̀? Ẹ wo ọmọ oṣù mẹ́rin. Bí oorun bá ń kùn ún, yóò fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀hún di ẹnu. Bó bá sunkún, omijé á gbé lẹ́búlẹ́bú náà gba ihò inú igun ojú lọ sí imú, láti imú lọ sí ọ̀fun. Ohun tí ó bá sì gbé mì, ikùn ọmọdé kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: bí àgbà àti ọmọdé bá gbé ìwọ̀n òjé kan náà mì, ikùn ọmọdé lè fa ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ìwọ̀n tí ti àgbà ń fà. Ara rẹ̀ ń wá kálísíọ̀mù tí yóò fi kọ́ egungun, òjé á sì bá ọ̀nà kan náà wọlé, á kó sínú egungun, á dé ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Bí irin kò bá tó nínú oúnjẹ ọmọ náà, a jẹ́ pé ara rẹ̀ á túbọ̀ máa fà á.

Kò sí bí a ṣe lè fi ojú mọ̀ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, á máa mu ọmú, á máa sanra. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́, èébì, àìtó ẹ̀jẹ̀, gìrì, ìgbà tí òjé bá ti pọ̀ gan-an lára ni èyí. Èyí tó kéré kì í pariwo. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ọmọ á wà ní kíláàsì tí ìwé kò fi ní tètè yé e, tí kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò rántí tìróò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi hàn, àyẹ̀wò náà kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo ọsibítù ń ṣe. Ìyá tó bá ti ń lé e sí ọmọ rẹ̀ lójú kò ní láti da ara rẹ̀ lóró. Kí ó dá a dúró, kí ó máa fọ ọwọ́ ọmọ náà, kí ó sì sọ fún dókítà kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní ti ọmọ Bọ́sítìnì yẹn, nígbà tí wọ́n dá tìróò dúró, òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ó dáa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìwé ọpẹ́ fún ẹni tó fún mi ní èyí?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn tí kò bá ọmọ mu ló wà tí kò le láti dúpẹ́ lé lórí. Ẹnì kan fún Àṣàkẹ́ ní bàtà tí kò lè wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Ẹlòmíràn ra súwẹ́tà onírun fún un nínú oṣù kẹta, ní Ìlọrin! A dúpẹ́, a tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹni náà bá béèrè, a ní ọmọ ń dàgbà kíákíá. Irọ́ kékeré ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti tìróò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi lè sọ fún Ìyá Àdétà pé ọmọ ń lò ó, inú wọn á dùn, wọn á sì lọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ pé èèyàn fẹ́ràn, wọn kì í jẹ́ kí ó tán. Wọn á sì sọ fún àwọn ọmọ ìyá mi yòókù pé èmi tí mo kàwé pàápàá ń lò ó fún ọmọ mi. Orúkọ mi ni yóò di ẹ̀rí tí wọn á fi máa lé tìróò sí ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Lílọ̀ rẹ̀ tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọlọ wọn wà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń rá kòrò níbẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì níbẹ̀. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zàmfárà, ó lé ní irinwó ọmọdé tí òjé pa, nítorí òkúta góòlù tí àwọn èèyàn wọn ń lọ̀ nínú ilé. Òjé wà nínú òkúta yẹn, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀. Ní 2015, ohun kan náà pa ọmọ 28 ní ìpínlẹ̀ Náíjà tó bá Kwara pààlà. Òkúta tìróò ẹyọ kan kò tó òkúta tí wọ́n kó jọ níbẹ̀, n kò fẹ́ da ẹ̀rù bo ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n eruku òjé ni eruku òjé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì ni mo jẹ Ìyá Àdétà: ọpẹ́, àti òótọ́ yìí. Ìpinnu tí mo ṣe ni pé n kò ní kó wọn sínú ìwé kan náà.

Ìdí rẹ̀ kò ju bí ìwé ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ. Wọn kì í fi ojú ara wọn kà á. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, fóònù ọmọ-ọmọ wọn ló ń wọlé sí. Bí mo bá gba ohùn mi sílẹ̀, àárín agbo ilé ni wọn á ti tẹ̀ ẹ́, tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ á fi máa gbọ́ ọ. Ìwé bébà náà, ọmọ ni yóò kà á fún wọn sókè. Mo wá fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dúró níwájú ìyá àgbà, tó ń kà á pé nǹkan tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, tí aya ọmọ wọn ń gbọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò sí ìkíni tí mo lè fi ṣáájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní di ìtìjú. Ọpẹ́ nìkan ni mo kọ, ní bébà, mo sì kọ ọ́ bí ohun tí wọ́n máa kà sókè. Ohun kan péré ni mo fi ṣe òfin fún ara mi: kí gbólóhùn kankan má sí nínú rẹ̀ tí màá ní láti yí padà nígbà tí mo bá jókòó níwájú wọn láti sọ ìyókù.

Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ìyá mi àtàtà,

Àsàláámù àláékúmù. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ, ẹ kú oòrùn yìí. Orúnkún ń kọ́? Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i.

Èmi àti bàbá Àṣàkẹ́ tún ń dúpẹ́ fún ọjọ́ tí ẹ wá. A mọ bí ọ̀nà ṣe jìn láti Àdétà, a sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn yín, ẹ kò fi ṣe àwáwí. Bàbá Àṣàkẹ́ ní kí n bá òun kúnlẹ̀ kí yín dáadáa.

Mo rántí ọlọ yín. Èmi ni mo máa ń di etí aṣọ kan mú nígbà tí ẹ bá ń jọ tìróò, ẹ̀yin ẹ ó di ìkejì mú, ẹ ó ní kí n má mí sí i. Nígbà tí mo rí bí ti Àṣàkẹ́ ṣe kúnná tó, mo mọ iye wákàtí tí ẹ jókòó ti ọlọ. Ọmọ tí wọ́n fi irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ jìn, a ti kẹ́ ẹ.

Ìgò Ìyá àgbà ló mú omi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà. N kò ní nǹkan kan tí ó jẹ́ tiwọn rí, àfi ìgbà tí ẹ gbé èyí wá. Màá tọ́jú rẹ̀ fún Àṣàkẹ́, màá sọ fún un ẹni tó ni ín, àti ẹni tó gbé e wá fún un.

Oríkì tí ẹ kì fún un ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Bó bá ń sunkún, òun ni a máa ń tẹ̀ fún un, ohùn yín ló ń mú un dákẹ́. Gbogbo àdúrà yín, a ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ti aburú. Èmi àti Àṣàkẹ́ máa wá kí yín lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, kí àwa méjèèjì lè jókòó.

Èmi ni ọmọ yín, Ìyá Àṣàkẹ́."

Nígbà tí mo ka ìwé yìí fún ọkọ mi, ó ní n kò dárúkọ ojú ọmọ nínú rẹ̀ rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn tó yá mi lẹ́nu jù lọ láti kọ ni pé tìróò náà yẹ ọmọ, torí pé ohun tí ìyá àgbà ń retí láti gbọ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan ni èèyàn fi ń kọ ọ́. Ibi tí mo wá bá ọpẹ́ gidi ni ọ̀sán tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ìgò ìyá wọn, ìrìn àjò, oríkì. Kò sí èyí tí mo parọ́ nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí n dúpẹ́ lé wọn lórí ju bí mo ṣe lè dúpẹ́ lé tìróò fúnra rẹ̀ lọ. "Tọ́jú rẹ̀ fún Àṣàkẹ́" náà, mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Òótọ́ ni: ìgò náà wà nínú agolo oníderí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi nylọ́ọ̀nù méjì dì í, àpò awọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá da tìróò inú rẹ̀ nù tí mo fọ ìgò náà, ìyókù ṣì máa wà lára igi àti awọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ọmọ máa fi ṣeré láéláé. N kò dà á sí gọ́tà, n kò sì dà á sẹ́yìnkùlé tí adìẹ ń ja ilẹ̀. Tábìlì tí mo ti ṣí i wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, aṣọ tútù ni mo fi nù ún, n kò gbá a ní gbígbẹ kí eruku má baà fò.

Mo mú ìwé náà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń lọ sí Àdétà. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí wọ́n kà á.

Ní Jímọ́ọ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gba Àṣàkẹ́ mọ́ra. Ojú ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ wò. "Ẹ ò tíì lé e?" Mo ní a ò tíì lé e, a ò sì ní lé e, àti pé ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó sọ fún gbogbo wa pé kí á má fi nǹkan kan sí ojú ọmọ, nítorí ó rọrùn láti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì ju ẹnu ọmọ tí a gbé pọ̀n lọ. Lẹ́yìn náà mo sọ pé òjé ni.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ojú gbogbo yín ni mo lé e sí. Èwo nínú yín ló kú?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì fi ẹ̀rín yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó kú. Mo ní òjé tó kéré kì í pa ọmọ, ńṣe ló ń bu díẹ̀ nínú ohun tí orí ọmọ ìbá lè ṣe, kò sì sí bí a ṣe lè mọ èyí tó bù lọ́dọ̀ èmi tàbí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí a kò ní èmi mìíràn tí wọn kò lé tìróò sí lójú tí a lè fi wé mi. Wọ́n ní orí mi kò burú. Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Ìkejì tí wọ́n sọ le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní sùnnà ni. Hàdíìsì wà tó yin òkúta ísímídì pé ó ń mú ojú ríran dáadáa, pé ó ń hu irun ìpéǹpéjú. N kò jiyàn hàdíìsì pẹ̀lú ẹni tó ti lọ Mẹ́kà. Ohun tí mo sọ ni pé ísímídì tí àwọn onímọ̀ ń sọ jẹ́ òkúta ántímónì, ó sì jọ òkúta òjé débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ti di lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n ti yẹ èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá, Íńdíà àti ọ̀dọ̀ wa wò, òjé ni wọ́n bá nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń tà á ní Ọjà Ọba kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó tà á fún òun náà kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò kò yí i padà. Wọ́n ní ṣé èyí tí àwọn mú bọ̀ láti Mẹ́kà náà ńkọ́. Mo ní bí wọn kò bá yẹ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò, n kò lè búra fún un.

Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ Zàmfárà ni ojú wọn yí padà. Wọ́n rántí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà náà, àwọn rò pé góòlù ló pa wọ́n. Wọ́n wo ọlọ wọn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọ-ọmọ wọn kékeré kan ń fi ìka ha ata gbígbẹ níbẹ̀. N kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọlọ tí wọ́n fi bi mí pé, "Ọlọ kan náà ni mo fi ń lọ ata ńkọ́?" Mo ní ó dáa kí ọlọ tí wọ́n fi lọ tìróò má kan oúnjẹ mọ́, òkúta máa ń fa nǹkan mọ́ra, fífọ̀ kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

N kò ní sọ pé wọ́n gbà. Wọ́n ní ẹ̀yin oníwèé, lónìí ẹ ó ní epo pupa kò dáa, lọ́la ẹ ó ní ó dáa. Wọ́n ní ní ti ojú tiwọn, àwọn kò ní fi í sílẹ̀ láéláé, àwọn ti dàgbà ju kí òjé rí nǹkan bù lọ́rí àwọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín, n kò sọ pé òjé ń bá àgbà jà náà, pé ó ń mú ìfúnpá ga. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Àmọ́ kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n pe aya ọmọ wọn pé kí ó gbé ọlọ yẹn lọ sẹ́yìnkùlé, kí ó lọ ra ọlọ ata mìíràn lọ́jọ́ ọjà. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, èmi náà kò sọ ọ́. Òkúta tìróò tó kù nínú àpótí wọn, n kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe, n kò sì béèrè.

Lẹ́yìn náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgò ńlá kan dé láti Àdétà, wọ́n fi nylọ́ọ̀nù dúdú wé e. Oyin ògidì ni, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń wá oyin ní apá Òmù-Àrán. "Èyí kì í ṣe òjé o," ni ohun tí wọ́n ní kí ọmọ tó gbé e wá sọ fún mi. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan kì í lá oyin, nítorí irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn àgbà máa ń borí, ṣùgbọ́n tí ó lè hù nínú ìfun ọmọ ọwọ́, tí oró rẹ̀ á sì sọ iṣan ara rẹ̀ di aláìlágbára. Ṣùgbọ́n ti èyí kò le. Èmi àti ọkọ mi fi mu ògì láràárọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ọpẹ́ kejì bó ṣe rí gan-an: pé àwa òbí ló ń lá a, pé ó dùn dé egungun, pé a óò fi ti Àṣàkẹ́ pa mọ́ di ìgbà tó bá pé ọdún kan, bí bàbá rẹ̀ bá fi í sílẹ̀.